Ọ́dà 2,460,000, owó tó wọlé 2,057,400: báwo ni mo ṣe máa kọ ọ́ sójú ìwé kan fún Alhaja?

ỌmọGbági

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Èmi ni mò ń bójú tó ìwé ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ kan ní Gbági Tuntun, n'Ìbàdàn. Àńkárá àti léèsì la ń tà jù. Àwọn kan ń wá sí ṣọ́ọ̀bù, àwọn míì ń fi ọ́dà ránṣẹ́ lórí Wásáàpù. Bí oṣù bá ti parí, Alhaja tó ni ṣọ́ọ̀bù fẹ́ kí n kó bí ọjà ṣe lọ sójú ìwé kan ṣoṣo. Ó ní òun ò fẹ́ ìwé rẹpẹtẹ, ojú òun ò gbà á mọ́.

Ti oṣù kẹwàá 2025 ló dà mí láàmú. Mo ro ọ́dà inú ìwé pọ̀, ó jẹ́ 2,460,000 náírà, ọ́dà 82 ni. Mo ro kéèṣì pọ̀ mọ́ owó tí oníbàárà san sí báńkì, ó jẹ́ 2,057,400. Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ 402,600. Alhaja wò ó, ó ní, "Níbo ni ẹgbẹ̀rún lọ́nà irinwó mi wà?" Ẹ gbà mí. Èwo nínú méjèèjì ni kí n pè ní ọjà tá a tà? Báwo ni kí n ṣe to ìwé yẹn tí irú ìbéèrè yìí ò fi ní máa wáyé lóṣooṣù?

Baba_Sùúrù

Báńkì ló jẹ ẹ́, ọmọ mi, má wá a jìnnà. Náírà 50 tí wọ́n ń yọ lórí tiransífà tó bá ti tó 10,000, ti POS ńkọ́, ti àlẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Kọ "owó báńkì" síbẹ̀, kó o fi 402,600 síwájú rẹ̀. Alhaja á lóye, òun náà ń rí àlẹ́ẹ̀tì.

Àǹtí_Akáǹtì

Baba Sùúrù, mo kí yín o. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò wo ọ̀rọ̀ yín. Kí náírà 50 tó lè di 402,600, a máa nílò tiransífà 8,052. Ọ́dà 82 sì ni ọmọ yìí kọ. Ti POS náà ò le tó bẹ́ẹ̀: náírà 5 lórí 1,000 kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sábà ń yọ lọ́wọ́ ọlọ́jà, ó sì níye tí kì í kọjá lórí ẹ̀ẹ̀kan, 1,000 náírà. Owó báńkì wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ táṣẹ́rẹ́ ni. Bí akọ̀wé bá ti ń kó gbogbo ohun tí kò rídìí rẹ̀ sábẹ́ "owó báńkì", ọjọ́ tí owó bá sọnù ní ti gidi, abẹ́ ibẹ̀ náà ló máa sá pamọ́ sí.

Àbúrò mi ỌmọGbági, iye méjì tó o gbé kalẹ̀ yẹn kò lè dọ́gba, ohun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń sọ. Ọ́dà ni ohun tí oníbàárà ní òun fẹ́. Owó tó wọlé ni ohun tí wọ́n san nínú oṣù yẹn, ì báà jẹ́ fún aṣọ oṣù yìí, fún gbèsè àtẹ̀yìnwá, tàbí fún aṣọ tí ẹ ò tíì gbé lé wọn lọ́wọ́. Ọjà tá a tà wà láàárín méjèèjì: aṣọ tó ti kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù lọ sílé ẹni tó rà á. Ìyẹn ni mo máa ń kọ sókè pátápátá.

Kí n tó lè bá ẹ so ó pọ̀, padà sínú ìwé kó o dá mi lóhùn. Ọ́dà mélòó ni wọ́n fagi lé? Èwo lẹ ò tíì gbé jáde? Àwọn wo ló ti gbé aṣọ lọ tí wọn ò tíì sanwó tán? Ta ló wá san gbèsè oṣù kẹsàn-án? POS tí ẹ gbà lọ́jọ́ tó kẹ́yìn oṣù, ṣé owó rẹ̀ wọlé lọ́jọ́ yẹn?

Ìyá_Bísọ́lá_Onírẹsì

Ẹ má bínú o, èrè dà nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí? Ìrẹsì àti ẹ̀wà ni mò ń tà ní tèmi. Bí ọmọ tó ń bá mi tajà bá gbé ìwé wá tí kò sí èrè níbẹ̀, kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Kọ èrè sí i kíá.

Àǹtí_Akáǹtì

Ìyá Bísọ́lá, ìwé ọ́dà àti ìwé owó ni ọmọ yìí ní lọ́wọ́. Kò sí iye tí wọ́n ra aṣọ nínú méjèèjì. Bó bá kọ èrè sójú ìwé yẹn, àbá ló kọ, Alhaja á sì fi àbá lọ ra ọjà. Kó fi èrè sílẹ̀ títí tí wọ́n á fi ní ìwé ọjà rírà tó dúró.

ỌmọGbági

Ẹ ṣé gan-an, mà. Mo ti yẹ ẹ́ wò. Wọ́n fagi lé ọ́dà méjì, 60,000 lápapọ̀, kò sẹ́ni tó san kọ́bọ̀ lórí wọn. Ọ̀kan ṣì wà nílẹ̀ tá ò tíì gbé fún wọn, aṣọ ẹbí ni, 200,000. Wọ́n ti san 120,000 sílẹ̀ lórí rẹ̀. Àwọn tó gbé aṣọ lọ lóṣù kẹwàá ṣì jẹ wá ní 320,000. Àwọn tó jẹ gbèsè lóṣù kẹsàn-án wá san 145,000.

Ti POS, ọjọ́ 31 bọ́ sí Jimọ̀, a gba 85,000 lọ́jọ́ yẹn, Mọ́ńdè ọjọ́ 3 oṣù kọkànlá ló wọ báńkì. Ti àwọn ọjọ́ yòókù jẹ́ 520,000, wọ́n yọ 2,600 lára rẹ̀.

Àǹtí_Akáǹtì

Ó parí nìyẹn. Mú bírò, ká jọ rìn ín láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ́dà 2,460,000. Yọ 60,000 tí wọ́n fagi lé, ó ku 2,400,000. Aṣọ ẹbí yẹn, 80,000 tó ṣẹ́ kù lórí rẹ̀ kò tíì wọlé, yọ ọ́, ó ku 2,320,000. Yọ gbèsè tuntun, 320,000, ó ku 2,000,000 gbáko. Gbèsè oṣù kẹsàn-án tí wọ́n wá san kò sí nínú ọ́dà oṣù yìí, àmọ́ ó wà nínú owó, nítorí náà fi 145,000 kún un, ó di 2,145,000. Iye tí àwọn oníbàárà yọ lápò wọn lóṣù kẹwàá nìyẹn. Àmọ́ 85,000 ọjọ́ Jimọ̀ ṣì wà lọ́nà, yọ ọ́, ó ku 2,060,000. Yọ 2,600 ti POS. Ó ku 2,057,400.

Kọ́bọ̀ ò sọnù. Baba Sùúrù, ẹ rí owó báńkì yín, 2,600 ni.

Ọjà tá a tà ńkọ́? 2,460,000, yọ 60,000 tí wọ́n fagi lé, yọ 200,000 tó ṣì wà nílẹ̀ odindi: 2,200,000, lórí ọ́dà 79. Àsansílẹ̀ 120,000 yẹn jẹ́ owó tó wọlé, kì í ṣe ọjà tá a tà, torí pé bí wọ́n bá ní àwọn ò ṣe mọ́ lọ́la, ẹ máa dá a padà. Gbèsè lẹ jẹ wọ́n títí aṣọ yóò fi jáde.

Má retí pé ó máa bára mu báyìí lóṣooṣù o. Tí 3,500 bá ṣẹ́ kù tó ò rídìí rẹ̀, kọ ọ́ gedegbe: "A kò tíì rídìí èyí." Má fi kún ohun mìíràn kó lè dọ́gba.

Baba_Sùúrù

Mo gbà, mo gbà. 2,600 péré! Síbẹ̀, ti àlẹ́ẹ̀tì ń dùn mí.

Àdùkẹ́_Pọ́tọ̀nóvò

Tiyín tiẹ̀ rọrùn, náírà nìkan lẹ ń kà. Ní ọ̀dọ̀ tèmi ní Pọ́tọ̀-Nóvò, àwọn kan ń san sẹ́fà lórí MoMo, àwọn tó ń bọ̀ láti Nàìjíríà ń fún mi ní náírà. Àbúrò mi máa ń sọ gbogbo náírà di sẹ́fà ní ìparí oṣù pẹ̀lú iye tí wọ́n ń ṣẹ́ ẹ lọ́jọ́ yẹn, á wá dà bíi pé owó sọnù tàbí pé owó já bọ́ láti ọ̀run. Mo ní kó máa kọ iye tí wọ́n ń ṣẹ́ ẹ lọ́jọ́ tí owó wọlé gan-an. Láti ìgbà yẹn ni ọkàn mi ti balẹ̀.

Àmọ́ ohun tó ń ṣe mí ni ti orúkọ. Ìyàwó ló máa rà, ọkọ ló máa sanwó, orúkọ iléeṣẹ́ ọkọ ló máa jáde lórí owó. Báwo lẹ ṣe ń mọ ọ́dà tí owó wà fún?

Kọ̀ǹpútà_Òkè

Nọ́ńbà ni, ẹ̀gbọ́n mi. Gbogbo ọ́dà ló gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà tirẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n kọ ọ́. Ẹ sọ fún oníbàárà pé kó kọ nọ́ńbà yẹn sí ibi tí wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ sí lórí tiransífà. Ọ̀pọ̀ ò ní kọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yin á ti mọ ẹni tí ẹ máa pè kó tó di ọ̀la. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ di ìparí oṣù, ẹ ti pẹ́.

Nọ́ńbà yìí náà ló máa gba ỌmọGbági lọ́wọ́ ọ́dà onímejì. Oníbàárà á kọ̀wé lórí Wásáàpù, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀. Yóò wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kejì, ẹni tó wà níbẹ̀ á tún kọ ọ́. Ọjà kan, ó ti di méjì.

Lórí Google Sheets, ẹ ṣe ṣíìtì méjì. Èyí tí ń jẹ́ Oda ní nọ́ńbà, ọjọ́, orúkọ, iye, àti ọjọ́ tí aṣọ jáde. Èyí tí ń jẹ́ Owo ní ọjọ́, nọ́ńbà ọ́dà, ọ̀nà tó gbà wọlé, àti iye. Ẹ má fi owó sí ẹ̀gbẹ́ ọ́dà nínú ṣíìtì kan náà, torí ẹlòmíì máa ń san ọ́dà kan lẹ́ẹ̀mẹta, ẹlòmíì á fi tiransífà kan san ọ́dà méjì. Nínú Oda, iye tó ṣẹ́ kù láti san lórí ọ́dà kọ̀ọ̀kan ní ìparí oṣù kẹwàá nìyí:

```
=D2-SUMIFS(Owo!D:D,Owo!B:B,A2,Owo!A:A,"<"&DATE(2025,11,1))
```

Ẹ má yọ apá tí ọjọ́ wà kúrò. ỌmọGbági kì í parí ìwé rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ 31, ọjọ́ 5 tàbí 6 ló máa jókòó tì í. Nígbà yẹn, àwọn kan á ti san gbèsè wọn lóṣù kọkànlá. Bí kò bá sí ọjọ́ nínú fọ́múlà, gbèsè oṣù kẹwàá á máa kéré sí i bó ṣe ń tún un wò, ìwé tó ti tẹ̀ fún Alhaja ò sì ní bá ti kọ̀ǹpútà mu mọ́. Iye tó bá jáde pẹ̀lú àmì ìyọkúrò níwájú túmọ̀ sí pé owó tí wọ́n san ju iye aṣọ lọ: bóyá ẹ kọ owó kan lẹ́ẹ̀mejì, bóyá nọ́ńbà ọ́dà míì lẹ fi sí i.

ỌmọGbági

Mo dán an wò, ẹ̀gbọ́n. Ó ṣiṣẹ́ lórí àwọn kan, àwọn kan ò yí padà rárá, bíi pé wọn ò sanwó, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti san. Ọjọ́ 13 sókè ló pọ̀ jù nínú wọn.

Kọ̀ǹpútà_Òkè

Á! Ọjọ́ yín ló dàrú. Ṣíìtì yẹn ń ka ọjọ́ bíi ti Amẹ́ríkà, oṣù ló ń kà ṣáájú. Tẹ́ ẹ bá kọ 15/10/2025, yóò wá oṣù kẹẹ̀ẹ́dógún, kò ní rí i, yóò wá fi í sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀ lásán. Ẹ wò ó, àwọn yẹn fara ti ọwọ́ òsì, àwọn tó kà sí ọjọ́ fara ti ọwọ́ ọ̀tún. Èyí tó burú jù ni àwọn tó dà bíi pé wọ́n dára: 05/10/2025 ti di ọjọ́ kẹwàá oṣù karùn-ún. Ẹ lọ sí File, Settings, kẹ́ ẹ yí Locale sí United Kingdom. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ tún àwọn ọjọ́ tó ti wà níbẹ̀ tẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, torí yíyí yẹn ò ní tún èyí tó ti kà ṣì ṣe.

Ìyá_Bísọ́lá_Onírẹsì

Ẹ̀yin ọmọ kọ̀ǹpútà, ẹ kú iṣẹ́. Èmi fẹ́ bi ỌmọGbági ní nǹkan kan tí ẹ ń yẹra fún. Kéèṣì inú dúrọ́ọ̀, ṣé Alhaja kì í mú níbẹ̀? Èmi ń mú nínú tèmi o.

ỌmọGbági

Ó ń mú, mà. Àwọn ọmọ rẹ̀ náà ń mú. Kéèṣì 640,000 ló wọlé lóṣù kẹwàá, mo ń kọ ọ́ bó ṣe ń wọlé. A kó 430,000 lọ báńkì, 75,000 wà nínú dúrọ́ọ̀ ní ìparí oṣù. 135,000 tó kù, wọ́n mú un ni. Mi ò mọ̀ bóyá kí n kọ ọ́.

Àǹtí_Akáǹtì

Ìbéèrè àgbà lèyí. Ó dára bó o ṣe ń kọ kéèṣì nígbà tó bá ń wọlé. Ṣọ́ra fún 430,000 yẹn ṣá: yóò jáde lórí ìwé báńkì bí owó tó wọlé, bẹ́ẹ̀ o ti kà á tẹ́lẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi kéèṣì. Bó o bá ro gbogbo ohun tó wọ báńkì pọ̀ láìyọ ọ́, inú Alhaja á kọ́kọ́ dùn, yóò sì bà jẹ́ lẹ́yìn náà. Kéèṣì 640,000, tiransífà 900,000 àti POS 517,400 ló yẹ kó para pọ̀ di 2,057,400 rẹ. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí?

Ti 135,000, èmi máa kọ ọ́ sísàlẹ̀, ní ìlà kan, láìsọ ẹni tó mú un: "Kéèṣì tó jáde nínú dúrọ́ọ̀ fún ilé." Alhaja ló lowó, kò sẹ́ni tó ń bi í léèrè. Ṣùgbọ́n tí kò bá sí níbẹ̀, ìwọ ni wọ́n máa bi.

Baba_Sùúrù

Èmi ò fara mọ́ ọn. Ìwé ọjà ló ní kó kọ, kì í ṣe ìwé ìnáwó. Ẹ ò kọ owó ọkọ̀ àti owó iná síbẹ̀, kí ló dé tó fi jẹ́ owó tí màmá mú fún ọbẹ̀ lẹ fẹ́ gbé síta? Kó kọ ọ́ sínú ìwé tirẹ̀, bí wọ́n bá béèrè, kó fi hàn.

ỌmọGbági

Bẹ́ẹ̀ ni, mà, 900,000 ni tiransífà. Mo ti to ìwé náà. Ẹ bá mi wò ó:

ỌJÀ ÀTI OWÓ, OṢÙ KẸWÀÁ 2025
Aṣọ tá a tà jáde: 2,200,000 (oṣù kẹsàn-án: 1,950,000)
Owó tó wọlé: 2,057,400. Kéèṣì 640,000, tiransífà 900,000, POS 517,400
POS tó wà lọ́nà: 85,000, ó ti dé lọ́jọ́ 3 oṣù kọkànlá
Gbèsè tó wà níta: 410,000. Ti oṣù yìí 320,000, ti àtẹ̀yìnwá 90,000
Aṣọ tá a jẹ oníbàárà: ọ́dà 1, wọ́n ti san 120,000 lórí rẹ̀
Ọ̀rọ̀ oṣù yìí: ọjà gbérí, ó fi 250,000 ju ti oṣù tó kọjá lọ.

Lẹ́yìn náà ni mo to bí 2,460,000 ṣe di 2,057,400 bí Àǹtí ṣe rìn ín, àti orúkọ àwọn márùn-ún tó jẹ gbèsè jù.

Àǹtí_Akáǹtì

Ó mọ́, ó dáa. Ìlà tó kẹ́yìn yẹn ni mo fẹ́ yẹ̀ wò. Ta ló rà jù lóṣù kẹwàá?

ỌmọGbági

Ìdílé kan tó ṣègbéyàwó, wọ́n kó léèsì 450,000 lẹ́ẹ̀kan náà.

Àǹtí_Akáǹtì

Mo fura bẹ́ẹ̀. Yọ wọ́n kúrò, ó ku 1,750,000. Àwọn oníbàárà yòókù fi 200,000 rà kéré sí gbogbo ọjà oṣù kẹsàn-án. Tí Alhaja bá ka "ọjà gbérí", ó lè lọ kó ẹrù léèsì sí i, nígbà tí àwọn tó ń rà á lójoojúmọ́ ń dín kù. Kọ ọ́ báyìí: "Ọjà jẹ́ 2,200,000, àmọ́ ìdílé kan ló ra 450,000 nínú rẹ̀. Àwọn yòókù ra 1,750,000." Lẹ́yìn náà lọ wo oṣù kẹsàn-án bóyá irú wọn wà níbẹ̀. Bí oníbàárà ńlá bẹ́ẹ̀ bá wà níbẹ̀ náà, ọ̀rọ̀ yí padà.

Ti àwọn onígbèsè, kọ ọjọ́ tí aṣọ jáde sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan. 90,000 tó ti wà níta láti ìgbà pípẹ́ yẹn ń dẹ́rù bà mí ju 320,000 tuntun lọ.

ỌmọGbági

Mo ti wo oṣù kẹsàn-án, mà. Ẹni tó rà jù níbẹ̀ ra 110,000. Mo ti yí ìlà yẹn padà bẹ́ ẹ ṣe wí.

Ọ̀ràn kan ló kù. Nínú 90,000 yẹn, àbúrò Alhaja ló jẹ 65,000, láti oṣù kẹfà. Alhaja rí ìwé lánàá, ó ní kí n yọ orúkọ yẹn kúrò.

Ìyá_Bísọ́lá_Onírẹsì

Yọ ọ́ o! Ọ̀rọ̀ ẹbí nìyẹn.

Àǹtí_Akáǹtì

Yọ orúkọ, má yọ owó. Bó o bá yọ 65,000, gbèsè á di 345,000, ìwé oṣù kọkànlá ò sì ní bẹ̀rẹ̀ níbi tí ti oṣù kẹwàá parí sí. Kọ "ẹbí, 65,000, láti oṣù kẹfà". Tí Alhaja bá ní òun ti fi jìn ín, kó sọ ọ́ fún ẹ, kó o wá kọ ọjọ́ tó fi jìn ín, kí iye náà kúrò nínú gbèsè láti ọjọ́ yẹn.

Baba_Sùúrù

Ta ló máa lọ bi Alhaja bóyá ó ti fi jìn ín? Kì í ṣe èmi o.

ỌmọGbági

Èmi náà kọ́. Mo ti kọ "ẹbí" síbẹ̀, mo sì fi 135,000 ti dúrọ́ọ̀ sínú ìwé tèmi bí Baba Sùúrù ṣe wí. Àǹtí, ẹ má bínú, Sátidé ni mo máa gbé e fún un.